Ẹni Tó Di Kọ́kọ́rọ́ Mú

Nínú gbogbo iṣẹ́ tó ń kọjá lórí tábìlì mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pípín àkókò fún àwọn iṣẹ́ tó ń du ṣíìpù kan ṣoṣo. FreeRTOS, tí Richard Barry bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ni mo fi ń ṣe é. Òfin rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ipò tirẹ̀, nínú àwọn tó sì ti ṣe tán, èyí tí ipò rẹ̀ ga jù ló ń lo ṣíìpù. Àwọn yòókù á dúró.

Ẹ̀rọ ìsàba ẹyin kan tí wọ́n gbé wá láti ìlú Ọ̀yọ́ ló jẹ́ kí n rí bí òfin yìí ti jinlẹ̀ tó. Màmá ọlọ́sìn adìyẹ tó ni ín sọ fún mi pé: “Ọmọ mi, bá mi wò ó dáadáa. Ooru rẹ̀ ń ṣàdédé lọ sókè, àgàgà lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì ò bá dáa.”

Mo ní, “Màmá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ti nẹ́tíwọ̀kì.”

Ìwọ̀n 37.5°C ni ẹyin adìyẹ ń fẹ́ fún ọjọ́ 21 tó fi ń pa. Bó bá ti lé ní 39°C tí kò tètè wálẹ̀, ọmọ inú ẹyin á máa kú. Kí ló wá kan nẹ́tíwọ̀kì nínú ìyẹn?

STM32F103 ni ṣíìpù inú rẹ̀. SHT31 tó ń wọn ooru àti síkírínì kékeré kan jọ ń lo wáyà méjì kan náà, nítorí náà iṣẹ́ tó bá fẹ́ lo wáyà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́. Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ìṣàkóso híta wà ní ipò 3, ó sì ń jí ní ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì. Àtẹ̀jíṣẹ́, tó ń gba orí mọ́dẹ́ẹ̀mù SIM800L lọ sórí fóònù Màmá, wà ní ipò 2. Síkírínì wà ní ipò 1. Ẹni tó tò wọ́n báyìí kò ṣì í tò.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí síkírínì gba kọ́kọ́rọ́, tó ń yàwòrán lọ, tí àtẹ̀jíṣẹ́ sì jí. Ipò àtẹ̀jíṣẹ́ ga ju tirẹ̀ lọ, ló bá gba ṣíìpù, ó wá ń bi mọ́dẹ́ẹ̀mù léèrè léraléra bóyá ó ti dáhùn, láìsùn rárá. Híta náà jí. Òun ló ga jù, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ síkírínì, ló bá ní láti dúró. Síkírínì kò rí ṣíìpù lò láti parí iṣẹ́ kó lè dá kọ́kọ́rọ́ padà. Báyìí ni iṣẹ́ ipò 2 ṣe dá iṣẹ́ ipò 3 dúró láìjẹ́ pé ohun kan pa wọ́n pọ̀.

Kí n lè fojú rí i, mo jẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣíìpù kan máa tàn nígbàkígbà tí híta bá ka ooru, mo sì fi ẹ̀rọ tó ń ka ìtànná wò ó. Ó ń tàn ní ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì geerege. Mo yọ áńténà mọ́dẹ́ẹ̀mù, àlàfo ìtànná náà sì fẹ̀ dé ìṣẹ́jú àáyá 30, iye tí kóòdù náà fi ń retí mọ́dẹ́ẹ̀mù kó tó jáwọ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, ríleè híta wà ní títàn, torí pé ooru kò tíì tó nígbà tí wọ́n kà á kẹ́yìn.

Ohun kan náà ló ṣe ọkọ̀ Mars Pathfinder ní 1997. Iṣẹ́ ojú ọjọ́ tí ipò rẹ̀ kéré di kọ́kọ́rọ́ mú, àwọn iṣẹ́ àárín kò jẹ́ kó rí àyè, kọ̀ǹpútà náà sì ń tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti orí ilẹ̀ ayé ni wọ́n ti tún un ṣe.

Oògùn rẹ̀ nínú FreeRTOS kò ju ìlà kan lọ. `xSemaphoreCreateBinary` ni wọ́n fi dá kọ́kọ́rọ́ náà tẹ́lẹ̀. Mo fi èyí rọ́pò rẹ̀:

```c
kokoro = xSemaphoreCreateMutex();
```

Pẹ̀lú èyí, bí híta bá ń dúró de kọ́kọ́rọ́, síkírínì á yá ipò 3 lò títí yóò fi dá a padà. Àtẹ̀jíṣẹ́ kò lè já a gbà mọ́. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí púpọ̀, torí pé kò gba ipò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí láé. Àmọ́ kò mú ìdúró kúrò pátápátá. Síkírínì ní báìtì 1,024, yíyà á tán ní 100 kHz sì ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Híta lè fara da ìyẹn.

Ó ku àtẹ̀jíṣẹ́ tí kì í sùn. Mo jẹ́ kí ìdáhùn mọ́dẹ́ẹ̀mù máa wọ inú ìlà kan, kí iṣẹ́ náà sì sùn lórí `xQueueReceive` títí ọ̀rọ̀ yóò fi dé. Mo yọ áńténà lẹ́ẹ̀kan sí i, ìtànná kò sì kúrò ní ìṣẹ́jú àáyá méjì.

Síbẹ̀, n kò fi ẹyin Màmá sílẹ̀ fún kóòdù nìkan. Mo tan aago ìṣọ́ inú ṣíìpù sí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, iṣẹ́ híta nìkan ló sì lè sún un síwájú, lẹ́yìn tó bá ti ka ooru tán. Bí kò bá sún un, ṣíìpù á tún bẹ̀rẹ̀, rẹ̀sísítọ̀ 10 kΩ tí mo so mọ́ ríleè á sì mú kí híta wà ní pípa títí ooru yóò fi ṣeé kà.