Ọjọ́-Orí àti Àkókò: Lámèyítọ́ Ọ̀nà Kan tí A Fi Ń Wá Ìyípadà Ìró

Onímọ̀ èdè tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìró kan ń yí padà nínú ìlú ní ọ̀nà méjì tí ó lè gbà. Ó lè gba ohùn àwọn ará ìlú sílẹ̀ lónìí, kí ó tún padà wá gbà á lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀nà kejì kò nílò ìdúró rárá: a ó gba ohùn ọ̀dọ́, ti àgbàlagbà àti ti arúgbó láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, a ó sì ka ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn sí ìtàn. Ọ̀nà kejì yìí ni bébà yìí pè ní ọ̀nà àkókò àfojúrí, nítorí pé ọjọ́-orí ni ojú rí, àkókò ni a sì kà á sí. Ohun kan ṣoṣo ni ó gbé e ró, èyí ni ìgbàgbọ́ pé bí ènìyàn ṣe ń pe ìró nígbà tí ó kúrò ní èwe náà ni yóò máa pè é títí yóò fi darúgbó. Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́, ẹni àádọ́rin ọdún jẹ́ ẹlẹ́rìí fún èdè àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Bí kò bá jẹ́ òtítọ́, arúgbó lásán ni.

William Labov ni ó sọ ọ̀nà yìí di ohun tí gbogbo ayé ń lò, nínú ìwádìí rẹ̀ ní erékùṣù Martha's Vineyard (1963) àti ní ìlú Niu Yọ́ọ̀kì (1966). Nínú iṣẹ́ ti Niu Yọ́ọ̀kì ni ibi tí ọ̀nà náà ti dára jù wà, ibẹ̀ náà sì ni ìdí tí ó fi yẹ kí a fura sí i wà. Ní 1962, Labov wọ ilé ìtajà ńlá mẹ́ta. Saks jẹ́ ti àwọn olówó, Macy's wà láàárín, S. Klein sì jẹ́ ti ọjà pọ́ọ́kú. Yóò béèrè ibi tí ọjà kan wà lọ́wọ́ òǹtajà, ọjà tí òun alára ti mọ̀ pé àjà kẹrin ni ó wà. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ méjì ni òǹtajà yóò fi dáhùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ìró r lẹ́yìn fáwẹ́lì. Labov yóò ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, òǹtajà yóò sì tún un sọ ketekete. Nígbà tí ó bá ti fara pamọ́ díẹ̀, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá a gbọ́ r tàbí a kò gbọ́ ọ. Ènìyàn 264 ni ó bá sọ̀rọ̀ báyìí: 68 ní Saks, 125 ní Macy's, 71 ní Klein. Kò béèrè ọjọ́-orí ẹnikẹ́ni. Ojú ni ó fi wọ̀n ọ́n. Kí a ṣàkíyèsí èyí, nítorí pé ọjọ́-orí gan-an ni òpó tí ọ̀nà náà rọ̀ mọ́.

Ní Saks, àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ń pe r jù, pípè náà sì ń dín kù bí ọjọ́-orí ti ń ga. Ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ yóò sọ pé r ń wọlé. Ṣùgbọ́n ní Macy's, òdìkejì pátápátá ni: àwọn tí ó dàgbà ni wọ́n ń pè é jù. Ẹni tí kò dé ibòmíràn ju Macy's lọ ì bá ti kéde pé r ń kú lọ. Ìlú kan náà ni, ọdún kan náà ni. Àlàyé Labov fún èyí ni pé r jẹ́ àmì iyì tuntun. Àwọn ọmọ olówó bá a dàgbà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà ní àárín ń kó o wọ ẹnu wọn nígbà tí wọ́n ti dàgbà, tí iṣẹ́ àti ìpàdé àwọn ènìyàn ńlá ti kọ́ wọn. Àlàyé yìí bọ́gbọ́n mu. Ohun tí a kì í sáà fẹ́ sọ síta ni pé àlàyé náà ti gé ẹsẹ̀ ọ̀nà àfojúrí, nítorí bí òǹtajà Macy's bá lè yí ìpè rẹ̀ padà ní ogójì ọdún, ohùn rẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí fún ìgbà èwe rẹ̀ mọ́.

Ní 1986, Joy Fowler tún iṣẹ́ náà ṣe. Klein ti kógbá sílé, ó sì fi ilé ìtajà mìíràn tí ó jọ ọ́ dípò rẹ̀. Pípe r ti pọ̀ sí i, nítorí náà ìyípadà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìjàpá ni ó fi ń rìn. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé ìlànà ọjọ́-orí ti 1962 tún jáde: Saks ń sọ̀ kalẹ̀, Macy's ń gòkè. Bí ọjọ́-orí bá jẹ́ àkókò lásán, àwọn ọ̀dọ́ Macy's ti 1962 tí kì í pe r ni ó yẹ kí wọ́n di àgbàlagbà tí kì í pe r. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyípadà ìlú àti ìyípadà ọjọ́-orí jọ wà nínú àkàbà kan náà, ẹni tí ó rí àkàbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní Montreal, Gillian Sankoff àti Hélène Blondeau (2007) tẹ̀ lé ènìyàn 32 kan náà láti 1971 dé 1984, lórí r èdè Faransé tí ń kúrò ní orí ahọ́n bọ̀ sí ẹ̀yìn ẹnu. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò yí padà, ṣùgbọ́n àwọn kan tí ó ti dàgbà bá ìlú lọ. Níbi tí àgbà bá ti ń sáré tẹ̀ lé ọmọdé báyìí, àkàbà náà yóò tẹ́jú, ìyípadà yóò sì dàbí ẹni tí kò yára tó bí ó ti yára.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ọ̀nà yìí wá sí Ejìnrìn ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Adétugbọ̀ (1967) fi hàn pé ẹ̀ka-èdè gúúsù ìlà-oòrùn, èyí tí Ìjẹ̀bú wà nínú rẹ̀, ní ìró àfàsépè gh níbi tí ẹ̀ka àríwá ìwọ̀-oòrùn ti ní w. Àpẹẹrẹ ni eghó tí àwọn ará Oǹdó ń pe owó. Irú ìró bẹ́ẹ̀, tí Yorùbá ilé-ẹ̀kọ́ àti ti Èkó ń tì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni ènìyàn yóò kọ́kọ́ fẹ́ fi ọ̀nà àfojúrí wò. Kí a sọ pé a bá gh lẹ́nu àwọn arúgbó, tí a sì bá w lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Kí ni a rí?

Ìtàn ìlú ni kò jẹ́ kí ìdáhùn rọrùn. Ejìnrìn jẹ́ ọjà ńlá lẹ́bàá ọ̀sà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, níbi tí oníṣòwò Èkó àti ti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Ọkọ̀ ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní 1901 àti ọ̀nà mọ́tò tí ó tẹ̀ lé e gba òwò náà lọ, àwọn ènìyàn sì bá òwò lọ. Ní ìlú tí ó ti rí báyìí, arúgbó tí a bá nílé lè jẹ́ ẹni tí kò kúrò rí, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ó lo ogójì ọdún l'Ékòó kí ó tó padà sílé. Ọ̀dọ́ tí a bá níbẹ̀ ni ẹni tí kò tíì lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó lọ kò sí nínú àkọsílẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ìran méjì ni a fi wé ara wọn. Ẹni tí ó ti ìrìn-àjò dé ni a fi wé ẹni tí kò tíì rin ín.

Ohun tí ó kéré jù láti ṣe ni kí a béèrè ibi tí olúkúlùkù gbé láàárín ọdún mẹ́wàá àti ọgbọ̀n, kí a sì ya àwọn tí kò kúrò sọ́tọ̀. Bí àkàbà bá dúró láàárín wọn nìkan, ìyípadà ṣeé fura sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tún lè jẹ́ ti ọjọ́-orí. Bí ó bá wó, ìrìn-àjò ni a ń kà. Salami (1991), tí ó wo ìyàtọ̀ ìró pọ̀ mọ́ àwọn tí ènìyàn ń bá rìn ní Ilé-Ifẹ̀, ti fi ọ̀nà tí a lè gbé e gbà hàn.

Ẹlẹ́rìí àtijọ́ kan tún wà fún Ìjẹ̀bú. Òṣífẹ́kùndé, ọmọ Màkún tí wọ́n jí gbé ní 1820 tí wọ́n sì tà sí Brasil, ni d'Avezac gba ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ ní Paris, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1845. Ó dàbí ẹni pé àkókò gidi ti bọ́ sọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ọmọ Faransé ni ó kọ ọ́ sílẹ̀, r ti ilẹ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ gh púpọ̀, nítorí náà a gbọ́dọ̀ yẹ lẹ́tà rẹ̀ wò kí a tó gbà á. Yàtọ̀ sí èyí, nǹkan bí ogún ọdún ni Òṣífẹ́kùndé ti fi wà láàárín àwọn tí kò gbọ́ Ìjẹ̀bú. Ẹni tí ó bá pe èdè rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú ti 1820 ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ohùn àgbàlagbà kì í yí padà, ohun gan-an tí a ń wá ẹ̀rí rẹ̀.