Kíláàsì ni ká Kà, Kì í Ṣe Orí Akẹ́kọ̀ọ́: Àríwísí lórí Rigirẹ́ṣọ̀n Onípele Kan

Ní 1976, Neville Bennett tẹ ìwádìí kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi ọ̀nà ìkọ́ni àtijọ́ kọ́ tẹ̀ síwájú ju àwọn yòókù lọ. Olùkọ́ 37 ni ó wò, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ ka akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀rí tó dá dúró. Ibẹ̀ ni a ti rí àléébù, nítorí olùkọ́ kan ló ń kọ́ gbogbo ọmọ kíláàsì kan, máàkì wọn a sì máa jọra.

Ẹ jẹ́ ká ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní akẹ́kọ̀ọ́ 26, tí ìdá 0.2 nínú ìyàtọ̀ máàkì sì wá láti kíláàsì: 1 + (26 − 1) × 0.2 = 6. Bí a bá ń fi ọ̀nà ìkọ́ni wéra, akẹ́kọ̀ọ́ 962 kò wúwo ju nǹkan bí 160 lọ.

Ní 1981, Aitkin, Anderson àti Hinde tún dátà náà ṣírò, wọ́n fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ìpìlẹ̀ máàkì tirẹ̀. Ìyàtọ̀ tó dájú tẹ́lẹ̀ kò dájú mọ́.

Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ tó mọ̀wé ni a kó sí kíláàsì kan, àwòṣe yìí nìkan kò lè tún un ṣe. Nítorí náà, bí a bá ń ka irú ìwádìí báyìí, iye kíláàsì ni ká kọ́kọ́ béèrè.