Ṣóńṣó Tí Kò Ṣípò: Lámèyítọ́ Lórí Kíka Ànáláísà fún Ìró Adúnpẹ́

Àṣà kan wọ́pọ̀ láàárín àwa tí a ń po orin nínú sítúdíò. Bí ohùn akọrin bá ń hó nínú sípíkà, a ó ṣí íkúù, a ó gbé bándì tóóró kan sókè tó dB 15, a ó máa fà á lọ fà á bọ̀ títí a ó fi gbọ́ ibi tó dún burúkú jù, a ó sì gé ibẹ̀ dànù. Àbùkù àṣà yìí ni pé kò síbi tí a gbé sókè tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní dún burúkú. Bándì tóóró tí a gbé sókè a máa hó fúnra rẹ̀, bí ohùn náà tilẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀ṣẹ̀ báyìí yóò rí mẹ́wàá, yóò gé mẹ́wàá, ohùn akọrin á sì rù kan eegun.

Ànáláísà ló yẹ kó gbà wá lọ́wọ́ àṣà yẹn, ṣùgbọ́n ó níbi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé. Ohun tó ń yà sójú kọ̀ǹpútà ni bí ìró ṣe lágbára tó ní Hz kọ̀ọ̀kan, ìyẹn iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn tó dára púpọ̀ ní ṣóńṣó gíga, nítorí pé orin gan-an ló gbé e ga. Ìró adúnpẹ́, èyí tó ń hó lẹ́yìn tí ìró yòókù ti lọ, lè má ga jù wọ́n lọ rárá. Ìwà rẹ̀ ló ń tú u fó: nígbà tí gbogbo nǹkan bá ṣípò, òun a dúró.

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá kan ní Bosso, ní Minna, tí wọ́n sọ di sítúdíò. Búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì ni ògiri rẹ̀, mítà mẹ́ta ló sì wà láàárín ògiri méjì tó kọjú síra. Wọ́n ti fèrèsé nítorí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, wọ́n pa fáànù kí máíkì má baà gbọ́ ọ, ooru inú yàrá sì di 35°C. Nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, ìró ń sáré tó mítà 352 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àlọ àti àbọ̀ láàárín ògiri méjèèjì jẹ́ mítà mẹ́fà, nítorí náà yàrá yìí yóò máa gbé ìró tó sún mọ́ 59 Hz lárugẹ, àti ìlọ́po méjì rẹ̀, nǹkan bí 117. Àárín ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ ọkùnrin máa ń bọ́ sí ni 117 wà. Bí akọrin bá ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, àwọn sílébù olóhùn ìsàlẹ̀ nìkan ni yóò máa wú, tí òkè àti àárín yóò wà bó ṣe yẹ. Etí á kàn máa sọ pé nǹkan kan ń hó.

Kí a tó ka àwòrán náà, a ní láti tún ojú rẹ̀ ṣe. Bí ànáláísà bá ń gba 4096 ègé ìró lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbàsílẹ̀ 48000, Hz 11.7 ló wà láàárín àmì kan àti èkejì; kò lè ya 117 sọ́tọ̀ kúrò lára 105. Nínú SPAN ti Voxengo, a lè gbé Block Size dé 16384, kí àlàfo náà di nǹkan bí Hz 3. Ohun tí a fi san án ni àkókò: àwòrán kọ̀ọ̀kan á wá kó ìdá mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá pọ̀.

Ìdánwò tó kù kò nílò ẹ̀rọ míràn. Ní kí akọrin dákẹ́ ná, kí o sì wo ojú ànáláísà. Ṣóńṣó tó bá ti wà níbẹ̀ kó tó lanu, pàápàá ní 50 tàbí 100, iná mànàmáná tàbí jẹnẹrétọ̀ ló ni ín. Lẹ́yìn náà, kó pe “à” láti ìsàlẹ̀ lọ sókè láìdánu dúró. Ìró ohùn rẹ̀ àti àwọn ìlọ́po rẹ̀ á máa gun òkè pọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn bá kọjá 117, á tan yàà. Ibi yẹn ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà, nítorí fáwẹ̀lì náà ní ibi tó máa ń gbé ga tí kì í tẹ̀ lé ohùn: “a” a máa wú lókè 700 Hz, yálà ohùn wà lókè tàbí nísàlẹ̀. Nítorí náà, kó tún un ṣe pẹ̀lú “i”. Èyí tó bá sún kúrò jẹ́ ti ẹnu rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí tó dúró gbọin láìka ohùn àti fáwẹ̀lì sí, yàrá ló ni ín.

Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ìtọ́jú rẹ̀ yẹ kó bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá. Àárín gbùngbùn yàrá, níbi tí ọ̀pọ̀ ń gbé máíkì sí, ni 117 ti lágbára jù. Ní sẹ̀ǹtímítà 75 sí ọ̀kan nínú ògiri méjèèjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Kí ẹnu akọrin àti máíkì wà lágbègbè yẹn, kí a tún gba ohùn, ṣóńṣó náà á rẹlẹ̀ láìsí íkúù kankan. Bó bá jẹ́ ohùn tí a ti gbà tán ni, gígé tó wà lójú kan á jẹ nínú ara gbogbo ohùn ìsàlẹ̀. Íkúù tó ń gé kìkì ìgbà tí ìró bá kọjá ìwọ̀n ló sàn jù, ní dB mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Má sì gba gígé tí o fi pamọ́ gbọ́: ní òwúrọ̀ ọyẹ́ tí yàrá wà ní 22°C, ṣóńṣó kan náà á ti bọ́ sí 115.

Sínẹ́à ń dán òye kan náà wò lọ́nà mìíràn, nítorí pé ohùn rẹ̀ kì í gòkè sọ̀ kalẹ̀. Àkókò ni a ó wò níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀pá bá balẹ̀, awọ rẹ̀ a kọ́kọ́ gbọ̀n lódindi, ká sọ ní 200 Hz. Ìró yẹn a máa ti afẹ́fẹ́ gan-an, nítorí náà ó tètè ń parí. Ṣùgbọ́n ìdajì awọ tún máa ń lọ sókè bí ìdajì kejì ti ń wá sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ kàn ń ṣàn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, agbára kì í tètè jáde, ìró náà á sì pẹ́. Ìṣirò fi í sí ìlọ́po 1.59 ti àkọ́kọ́, nǹkan bí 318, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ inú ìlù àti awọ ìsàlẹ̀ lè yí i díẹ̀. Dá Block Size padà sí 4096, gé ìbẹ̀rẹ̀ lílù kúrò, kí o sì wo ìrù ìró nìkan. Ṣóńṣó tó pamọ́ sínú ariwo ìbẹ̀rẹ̀ á dá dúró.

Àmọ́ rírí i kò túmọ̀ sí pé ó jẹ̀bi. Lórí àwo St. Anger ti Metallica, ọdún 2003, Lars Ulrich fi sínẹ́à sílẹ̀ kó máa dún bí agolo láìsí wáyà abẹ́ rẹ̀, àwọn olùgbọ́ sì bínú. Ìyẹn jẹ́ ohun tó yàn. Àwọn onílù tiwa náà ń so ṣaworo mọ́ etí ìyáàlù kí ìró má baà mọ́ jù. Ibi tí ànáláísà dé ni kó sọ ẹni tó ni ìró. Ìbéèrè bóyá kó lọ jẹ́ ti orin, a sì lè dáhùn rẹ̀ kedere: gbé e ségbẹ̀ẹ́ àwọn ohun èlò yòókù, mú ariwo ohùn tí a gé àti èyí tí a kò gé dọ́gba, kí o máa pààrọ̀ wọn. Bí ọ̀rọ̀ akọrin kò bá yéni sí i, tí báàsì kò sì ráyè sí i, dá ohun tí o gé padà.