Níbo ni Ìbéèrè Òmùgọ̀ Yẹ Kó Wà?

Ìfáárà, ìlànà ìwádìí, àbájáde, ìjíròrò: ọ̀nà mẹ́rin yìí ni àbọ̀ ìwádìí nínú ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá pín sí. Ìlànà àti ìjíròrò ni akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń dà pọ̀, iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn àgbẹ̀ Kpelle ní Làìbéríà sì fi ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì hàn.

Joseph Glick ló ròyìn rẹ̀. Wọ́n kó nǹkan 20 sílẹ̀, oúnjẹ, irinṣẹ́, ohun tí a ń gbé oúnjẹ sí, àti aṣọ, wọ́n sì ní kí àgbẹ̀ kó àwọn tó bára mu jọ. Àgbẹ̀ gbé ọ̀bẹ ti ọsàn, torí ọ̀bẹ la fi ń gé e. Ó gbé ọkọ́ ti ọ̀dùnkún. Ó ní bí ọlọ́gbọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà sú olùwádìí, ló bá béèrè pé báwo ni òmùgọ̀ yóò ṣe ṣe é. Kíá, òkìtì 4 ló yọ: oúnjẹ lọ́tọ̀, irinṣẹ́ lọ́tọ̀.

Inú ìlànà ni ìbéèrè kejì yẹn yẹ kó wà, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú èdè tí wọ́n fi sọ ọ́ àti iye ẹni tí wọ́n bi. Òkìtì 4 jẹ́ àbájáde. Pé àgbẹ̀ mọ ìpín náà, àmọ́ tí kò kà á sí ọgbọ́n, ìtumọ̀ nìyẹn. Ìjíròrò ló ni ín. Bí ìbéèrè náà bá fara hàn nínú ìjíròrò nìkan, bí ìtàn apanilẹ́rìn-ín, ẹni tó fẹ́ tún iṣẹ́ náà ṣe yóò béèrè ẹ̀ẹ̀kan, yóò sì parí sí pé Kpelle kò mọ nǹkan í pín.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Parakou lọ dán ìrántí àwọn oníṣòwò wò ní ọjà Arzèkè. Nínú ìlànà, ó kọ pé: “A ka ọ̀rọ̀ 20 fún wọn, a ní kí wọ́n tún un sọ.” Ó di ìjíròrò kó tó sọ pé bóyá àwọn kan kò gbọ́ Faransé. Àwáwí lásán nìyẹn lójú tèmi. Ṣé Faransé ni, àbí Dendi, àbí Baatonum? Ta ló ṣe ògbufọ̀? Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ló wà láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì? Gbogbo èyí ti wà kó tó rí èsì kankan, nítorí náà ìlànà ló ni ín. Bí wọ́n bá yọ ẹnì kan kúrò nítorí ariwo ọjà, ibẹ̀ náà ni kó wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ̀lẹ̀ òjijì ni. Ìgbà náà ni ìjíròrò tó lè fi iye ọ̀rọ̀ tí àwọn tó gbọ́ Faransé rántí wé ti àwọn tí a fi Dendi bá sọ̀rọ̀.