Ewì Ìkòkò Tí Ó Fọ́

Ọmọbìnrin kan ní abúlé Kétu fi ewì sínú ìwé tí ó fi tọrọ owó ẹ̀kọ́, kí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lè mọ ìwà rẹ̀.

Ó ní òun fọ́ ìkòkò omi ìyá òun, òun sì purọ́ mọ́ àbúrò òun. Wọ́n na àbúrò. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó jẹ́wọ́. Àbúrò ń wò ó, kò sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni ewì náà ti dára jù. Kò pe ara rẹ̀ ní olóòótọ́, síbẹ̀ a rí i.

Ṣùgbọ́n ó tún fi ìlà mẹ́ta kún un: ọmọ rere ni òun, òun kì í ṣe ọ̀lẹ, òun ní sùúrù. Ta ni kò lè kọ ìyẹn? Èmi ìbá pa wọ́n rẹ́, kí ewì parí sí ojú àbúrò.