Iṣẹ́ ta ni ó tóbi jù? Àríwísí lórí ìdíyelé iṣẹ́, pẹ̀lú àpẹẹrẹ láti ibi ìṣepo ní Adja-Ouèrè

Bí a bá fẹ́ pinnu owó oṣù, ìbéèrè méjì ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Èkíní ni pé, èwo nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ni ó tóbi ju èkejì lọ? Èkejì ni pé, ta ni ó ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ dáadáa? Ìdíyelé iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ṣe ń lò ó, ìbéèrè èkíní nìkan ni ó ń dáhùn. Kò wo ojú ẹni tí ń ṣe iṣẹ́, kò bèèrè ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, kò sì bèèrè bóyá ọ̀lẹ ni tàbí akíkanjú. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń wọ̀n: ìmọ̀ọ́ṣe tí ó ń béèrè, akitiyan tí ó ń gbà, ẹrù tí ó gbé lé ni lórí, àti ipò ibi tí a ti ń ṣe é. Nǹkan mẹ́rin yìí ni àwọn tí ó péjọ sí Geneva ní 1950 láti jíròrò lórí ọ̀rọ̀ yìí fẹnu kò sí, wọ́n sì wà nínú ọ̀pọ̀ ìlànà títí di òní.

Mo gbà pé ìlànà yìí sàn ju kí ọ̀gá kàn wo ojú kí ó sọ iye. Àríwísí mi ni pé àwọn tí ń kọ́ni ní ìlànà yìí máa ń fi í hàn bí òṣùwọ̀n ọjà, tí a gbé nǹkan lé, tí ó sì sọ iye kìlógíráàmù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi méjì wà tí ọwọ́ ènìyàn ti ń tẹ òṣùwọ̀n náà kí ẹnikẹ́ni tó fún iṣẹ́ kan ní máàkì: ibi tí a ti ń kọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ sílẹ̀, àti ibi tí a ti ń sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́rin náà ti ṣe pàtàkì tó. Ibi méjèèjì yìí ni mo fẹ́ fi iṣẹ́ epo pupa tàn ìmọ́lẹ̀ sí, nítorí pé ní Adja-Ouèrè àti àwọn abúlé tí ó yí i ká, kò sí ẹni tí kò mọ bí ẹyìn ṣe ń di epo.

Ẹ jẹ́ kí a ro ibi ìṣepo kan tí àwùjọ àwọn àgbẹ̀ dá sílẹ̀, tí wọ́n fẹ́ máa san owó oṣù fún òṣìṣẹ́ mẹ́rin. Èmi ni mo ṣètò àpẹẹrẹ yìí àti àwọn iye inú rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè yé wa. Akọpẹ wà níbẹ̀, tí ó ń fi igbà gun ọ̀pẹ láti gé ìdì ẹyìn. Ẹni tí ń darí ẹ̀rọ tí ń gún ẹyìn tí ó sì ń fún un wà níbẹ̀. Asepo wà níbẹ̀, obìnrin tí ń se ẹyìn tí ó sì ń se epo títí omi yóò fi tán lára rẹ̀. Akọ̀wé wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí ń kọ iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde. Ìgbìmọ̀ kékeré kan yóò fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ipele láti 1 dé 5 lórí ìmọ̀ọ́ṣe, akitiyan, ẹrù-iṣẹ́ àti ipò ibi iṣẹ́. Wọ́n ti fi ìwọ̀n sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìmọ̀ọ́ṣe 40, akitiyan 20, ẹrù-iṣẹ́ 30, ipò ibi iṣẹ́ 10. A ó fi ipele sọ ìwọ̀n di púpọ̀, a ó sì ro ó pọ̀.

Akọpẹ gba 3, 5, 2 àti 5, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 330. Ẹlẹ́rọ gba 4, 2, 3 àti 3, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 320. Akọ̀wé gba 4, 1, 4 àti 1, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 310. Ní ti asepo, ohun tí ó wà nínú ìwé tí wọ́n kọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: ó ń se ẹyìn, ó sì ń fọ ìkòkò. Nítorí náà wọ́n fún un ní 2, 2, 2 àti 3, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 210. Òun ni ó gbẹ̀yìn, ó sì fi 100 máàkì gbẹ̀yìn ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀.

Kí ni ìwé náà fi sílẹ̀? Ó fi sílẹ̀ pé bí ìdì ẹyìn bá pẹ́ kí a tó sè é, epo rẹ̀ yóò kan, nítorí náà asepo ni ó ń pinnu èyí tí a ó kọ́kọ́ gbé ka iná. Ó fi sílẹ̀ pé etí ni ó fi ń mọ̀ bí omi ti tán lára epo, nígbà tí ariwo tí ó ń ta pátá pátá lórí iná bá dákẹ́. Bí ó bá sọ ọ́ kalẹ̀ kí omi tó tán, epo náà yóò bàjẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì; bí ó bá jẹ́ kí ó pẹ́ jù lórí iná, àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣá, oníbàárà yóò sì dín owó. Gbogbo iṣẹ́ akọpẹ àti ti ẹlẹ́rọ lọ́jọ́ náà wà nínú àgbá kan ṣoṣo tí ó wà níwájú rẹ̀. Ó ń gbé omi gbígbóná, ó sì ń dúró nínú èéfín láti àárọ̀. Bí a bá kọ gbogbo èyí sílẹ̀ kí a tó fún un ní máàkì, 3, 3, 4 àti 4 ni ó tọ́ sí i lójú mi, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ 340. Ẹni tí ó gbẹ̀yìn ti di ẹni àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó yí padà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé ni ó yí padà.

Èyí kì í ṣe àròsọ lásán. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Julie Hayward jẹ́ alásè ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Cammell Laird ní Birkenhead. Ó pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ pé iṣẹ́ òun kò kéré sí ti akunlé, ti káfíńtà àti ti ẹni tí ń dì nǹkan lára páìpù kí ooru má baà jáde, àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń gbà jù ú lọ. Ẹni tí ìgbìmọ̀ ìdájọ́ yàn láti wo iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ pé wọ́n bára dọ́gba. Ẹjọ́ náà lọ títí dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀, ó sì jàre ní 1988. Kí ó tó pe ẹjọ́, kò sí ẹni tí ó jókòó wo ohun tí alásè ń ṣe ní ẹgbẹ́ ohun tí káfíńtà ń ṣe.

Ibi kejì ni ìwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí a fi ipele tí a fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ bí ó ti wà, kí a sì lo ìwọ̀n mìíràn, irú èyí tí a ṣe fún iṣẹ́ ọ́fíìsì: ìmọ̀ọ́ṣe 50, akitiyan 10, ẹrù-iṣẹ́ 35, ipò ibi iṣẹ́ 5. Akọ̀wé di 355, ó sì bọ́ síwájú. Ẹlẹ́rọ àti asepo di 340 lápapọ̀. Akọpẹ di 295, ó sì gbẹ̀yìn. Akọ̀wé tí ó kéré jù lábẹ́ ìwọ̀n àkọ́kọ́ ti di ọ̀gá wọn lábẹ́ èkejì. Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá gbé tábìlì máàkì wá fún wa, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a bèèrè ni pé ta ni ó yan ìwọ̀n, àti pé ṣé kí ó tó rí àbájáde ni àbí lẹ́yìn rẹ̀. Bí ipò iṣẹ́ bá ń yí padà nígbà tí a bá yí ìwọ̀n díẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ pe ipò náà ní òtítọ́ inú iṣẹ́. Ìpinnu àwọn tí ó jókòó ni.

Ẹ tún wo èyí. Lábẹ́ ìwọ̀n àkọ́kọ́, ipele kan péré lórí ìmọ̀ọ́ṣe jẹ́ 40 máàkì. Bí ẹni méjì nínú ìgbìmọ̀ bá ń jiyàn bóyá 3 tàbí 4 ni ó tọ́ sí ẹlẹ́rọ, iyàn wọn ti ju gbogbo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín 310 àti 340 lọ. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a sọ máàkì kọ̀ọ̀kan di owó. Ohun tí ó bójú mu ni pé kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní ìpele owó kan náà.

Ẹni kan lè sọ pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a kúkú lo ìwé-ẹ̀rí. Ọ̀nà tí òfin 1986 gbà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ nìyẹn: ẹ̀ka márùn-ún, láti A dé E, ìwé-ẹ̀rí sì ni ilẹ̀kùn ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ó rọrùn, kò sì sí iyàn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ń wọ̀n, kì í ṣe iṣẹ́. Asepo wa kò ní ìwé-ẹ̀rí kankan, nítorí náà a kò tilẹ̀ ní wo àgbá tí ó wà níwájú rẹ̀. Àdéhùn Àjọ Iṣẹ́ Àgbáyé tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 100, èyí tí Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí ní 1968 tí Nàìjíríà sì fọwọ́ sí ní 1974, sọ pé bí a óò bá wọn iṣẹ́, iṣẹ́ tí a ń ṣe gan-an ni kí a wò.

Nàìjíríà tí ó múlé tì wá gbìyànjú ọ̀nà kejì. Ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji darí jíṣẹ́ ní 1974, ó sì dábàá pé kí iṣẹ́ ìjọba lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn kan ṣoṣo, láti ìpele 01 dé 17. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí ni owó tí wọ́n san ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975 pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ oṣù tí ó ti kọjá, àti bí ọjà ṣe wọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì tún bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà, àwọn tí wọ́n gba owó pẹ̀lú sì wà lára àwọn tí ó yanṣẹ́ lódì. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ kì í wo owó rẹ̀ nìkan. Ó ń wo ìpele ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí kò bá mọ ìdí tí wọ́n fi gbé e sí ìsàlẹ̀ ẹni yẹn, àlékún owó kò ní pa á lẹ́nu mọ́.

Nítorí náà, bí àwùjọ àwọn àgbẹ̀ kan ní Adja-Ouèrè bá fẹ́ lo ìlànà yìí, ohun mẹ́ta ni mo rò pé ó tó. Kí ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i. Kí gbogbo wọn fẹnu kò lórí ìwọ̀n kí ẹnikẹ́ni tó gba máàkì, kí a sì fi ìwọ̀n mìíràn dán an wò. Kí iye ìpele owó kéré. Ìlànà náà kò sì lè dé ọ̀dọ̀ akọpẹ tí wọ́n ń san owó fún lórí iye ìdì tí ó gé: ìdì ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́, òun nìkan ni ó sì ń ru ewu gígun ọ̀pẹ. Ní ti asepo, kò béèrè pé kí a fún òun ju ẹlòmíràn lọ. Ohun tí ó yẹ ẹ́ ni pé kí a kọ iṣẹ́ rẹ̀ tán kí a tó dá iye lé e.