Ta Ni 'Mo'? Àyẹ̀wò Ìtàn Mólékù Omi Kan Láti Ìpè-Àkókó

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ yẹ ìtàn kúkúrú kan wò tí ọmọ ilé-ìwé girama kan kọ ní Ìpè-Àkókó. Iṣẹ́ tí a fún kíláàsì ni kí wọ́n sọ ìrìn-àjò omi láti ẹnu mólékù kan. Mólékù ni ẹyọ omi tó kéré jù lọ: háídírójìn méjì tó so mọ́ ọ́síjìn kan, tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń kọ ní H₂O. Àwa fún ìtàn náà ní 17 nínú 20. Alábàáṣiṣẹ́ wa kan fún un ní 8, ó ní omi kì í sọ̀rọ̀.

Ìtàn náà lọ báyìí. Òjò gbé asọ̀tàn bọ́ sórí àpáta. Ó wọ inú ilẹ̀, ó sì tún sun jáde níbi ìsun. Ìyá kan pọn ọ́n, ó dà á sínú ìkòkò lórí iná, asọ̀tàn sì bá ooru jáde lábẹ́ ìdérí. Afẹ́fẹ́ gbé e lọ sókè, ó rọ̀ sínú odò Ọ̀sẹ̀, odò náà sì gbé e gba ilẹ̀ Ẹdó lọ sínú òkun. Ó lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, ó sì padà sílé ní àkókò ọdún iṣu tuntun.

Ẹ̀sùn pé omi kì í sọ̀rọ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìfohunpènìyàn ti wà nínú àlọ́ wa tipẹ́. Ìjàpá ń sọ̀rọ̀, ó ń dá ọgbọ́n, ṣùgbọ́n igbá ẹ̀yìn rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀, kò sì lè sáré bí ajá. Òfin àlọ́ ni pé a lè fún ẹ̀dá ìtàn ní ohùn, ṣùgbọ́n a kì í gba ìwà àbínibí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin yìí ni a fi ka ìtàn náà lẹ́ẹ̀kejì, òun náà ló sì jẹ́ kí máàkì tiwa dín kù.

Nínú ìran ìkòkò, òǹkọ̀wé di ọgbọ́n ìsọ̀tàn ojú-mi-ló-ṣe mú ṣinṣin. Asọ̀tàn ní bí iná ti ń ràn ni àwọn ará òun ń gbá òun lọ́tùn-ún lósì, títí ọ̀kan fi gbá òun jáde, tí àwọn yòókù sì kù sẹ́yìn. Bí ó ti rí gan-an nìyẹn. Bí omi ti ń gbóná ni àwọn mólékù rẹ̀ ń yára sí i, èyí tó bá sì yára jù ni ó ń já mọ́ àwọn tó dì í mú lọ́wọ́.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó dé ojú ọ̀run. Níbẹ̀ ni asọ̀tàn ti ní òun tutù rinrin, òun tóbi, òun wúwo, òun sì já bọ́ sódò. Ta ni 'mo' tó ń sọ̀rọ̀ níhìn-ín? Kì í ṣe mólékù mọ́. Ẹ̀kán òjò ni. Mólékù kan kì í tóbi sí i, kì í sì í dá rọ̀. Bí a bá fẹ́ ka mólékù inú ẹ̀kán omi kan, a ó kọ 1, a ó to òdo 21 tẹ̀lé e, iye náà yóò sì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àpapọ̀ wọn ni ó ń gbóná, òun náà ni ó ń tutù. Òǹkọ̀wé ti pààrọ̀ asọ̀tàn láìsọ fún wa.

Ohun tí mólékù ì bá sọ ni pé ìrìn òun falẹ̀, òun fara mọ́ egunrín eruku kan, àwọn ará òun sì rọ́ wá dì mọ́ òun tí òun kò fi lè já mọ́. Ìyẹn ì bá tún dùn jù, nítorí pé yóò dáhùn ìran ìkòkò: lọ́hùn-ún wọ́n gbá a jáde, níhìn-ín wọ́n gbà á padà.

Àléébù kejì ni ti àkókò. Ní ìpíndọ́gba, omi ń lo nǹkan bí ọjọ́ 9 nínú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ó ń lo nǹkan bí 3,000 ọdún nínú òkun. Lóòótọ́, mólékù tó wà lójú òkun lè kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, nítorí náà a kò pe ìtàn náà ní irọ́. Ṣùgbọ́n asọ̀tàn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé oríire ni, kí ó sì ṣàánú àwọn ará rẹ̀ tó kù sí ìsàlẹ̀. Òǹkọ̀wé kò rí àánú yìí lò.

A gbọ́dọ̀ fi ààlà sí ohun tí àwa náà ń béèrè. Nínú omi, háídírójìn kì í dúró ti ọ́síjìn kan títí. Wọ́n ń bọ́ láti ara mólékù kan sí òmíràn ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. 'Mo' tó kúrò ní Ìpè kọ́ ni ó padà délé pátápátá. Bí a bá rin kinkin mọ́ èyí, ìtàn kò ní ṣeé sọ. Ó tó kí ọ́síjìn jẹ́ ọ̀kan náà, bí orúkọ agbo-ilé ti ń wà nígbà tí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ń yí padà.

Níkẹyìn, àwa àti alábàáṣiṣẹ́ wa fẹnu kò sí 13. A kò gba máàkì kankan nítorí pé omi sọ̀rọ̀. Mẹ́ta lọ nítorí asọ̀tàn tó yí padà láìròtẹ́lẹ̀, ọ̀kan lọ nítorí ti òkun. Nígbà tí a dá ìwé náà padà fún ọmọ náà, gbogbo ibi tí 'mo' kò ti jẹ́ mólékù mọ́ ni a fàlà sí nídìí, a sì ní kí ó tún ibẹ̀ kọ.